Orí Kẹjọ: Ilé-iṣẹ́ Tí Ó Ra Ìpín Ara Rẹ̀ Padà, Tí Ó sì Tún Un Tà ní Iye Tí Ó Ga Jù

Kò sí ìyá oníṣu kan ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì, tí a óò bi pé, bí ó bá ra iṣu ní ẹgbẹ̀rún náírà, tí ó sì tà á ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, èló ni èrè rẹ̀, tí kò ní dá wa lóhùn kí a tó pa ẹnu dé pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni. Òótọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ra ìpín ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, tí ó fi í pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì tún un tà ní iye tí ó ju èyí tí ó fi rà á lọ, owó tí ó lé yìí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kì í ṣe èrè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú lójú, nítorí pé ọgbọ́n ọjà iṣu ni wọ́n fi ń wò ó. Ìdí nìyí tí a fi ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti oko kòkó, èyí tí àwọn baba wa ní ilẹ̀ Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, fi rán ọmọ níwèé. Ká ní àwọn mẹ́wàá pa owó pọ̀ ra oko kan, wọ́n sì ní àpò kan tí owó kòkó ń wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ lọ, àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì gbà kí a mú owó nínú àpò náà san fún un kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Oko kò tóbi sí i lọ́jọ́ náà, igi kòkó kankan kò sì so ju bí ó ti ń so tẹ́lẹ̀ lọ. Àpò ni ó fúyẹ́ díẹ̀, àwọn tí yóò máa pín oko náà sì dín ní ẹnì kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, àlejò kan dé tí ó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, ó sì san ju iye tí wọ́n fi rán ẹni àkọ́kọ́ lọ. Kòkó tí a ká ni èrè oko. Owó ìwọlé tí ẹni tuntun san kì í ṣe kòkó. Owó tí àwọn olóko fúnra wọn kó wá sínú oko ni, ìbáà ṣe ẹni àtijọ́, ìbáà ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ti rí gan-an nìyẹn. Àwọn onípìn-ín ni ó ni ilé-iṣẹ́, ìpín sì ni ẹ̀rí pé wọ́n ni ín. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ra ìpín ara rẹ̀, kò ra dúkìá kankan, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kò lè ní ara rẹ̀. Apá kan owó àwọn onípìn-ín ni ó dá padà fún wọn. Àwọn ìpín tí ó rà bẹ́ẹ̀, tí kò sì tíì fagi lé, ni a ń pè nínú ìwé yìí ní ìpín àpamọ́. Ìpín àpamọ́ kò ní ohùn nínú ìpàdé, a kì í sì í san èrè ọdọọdún lé e lórí, nítorí pé àpò tí owó ti ń jáde náà ni yóò tún padà wọ̀.

Ohun tí òfin wí

Fún ìgbà pípẹ́, òfin kò gbà pé kí ilé-iṣẹ́ ra ìpín ara rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1887, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí àwọn amòfin ń pè ní ẹjọ́ Trevor àti Whitworth. Ilé-iṣẹ́ tí ń hun aṣọ onírun àgùntàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí: ó ti ra ìpín ara rẹ̀ lọ́wọ́ onípìn-ín kan, kò sì tíì san owó rẹ̀ tán kí ó tó wọ gbèsè tí wọ́n sì ń tú u palẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣe àbójútó ogún onípìn-ín náà, ẹni tí ó ti kú, wá ń béèrè owó tí ó kù. Àwọn adájọ́ sọ pé kò tọ́ sí wọn, nítorí pé owó tí àwọn onípìn-ín dá sílẹ̀ ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè gbójú lé, a kò sì gbọdọ̀ máa yọ́ kó o jáde láti ẹ̀yìnkùlé fún àwọn tí ó ni ín. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà dúró lé títí di ọdún 1990 àti lẹ́yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.

Òfin Ilé-iṣẹ́ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni ó la ọ̀nà náà gbòòrò. Bí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá kọ̀ ọ́, ilé-iṣẹ́ lè ra ìpín rẹ̀ padà bí ìpinnu pàtàkì bá wà láti ọ̀dọ̀ àwọn onípìn-ín. Láàárín ọjọ́ méje sí ìpinnu náà, ó gbọdọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń kà. Àwọn olùdarí yóò sì búra pé ilé-iṣẹ́ náà yóò lè san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìpín tí a óò rà gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a ti san owó rẹ̀ tán. Inú èrè tí ó ṣeé pín ni owó rẹ̀ yóò ti jáde. Ìpín àpamọ́ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ kíyè sí i pé ohun kan náà tí ó jẹ àwọn adájọ́ ọdún 1887 lógún ni gbogbo ààlà wọ̀nyí ń dáàbò bò: owó àwọn olówó.

Àpẹẹrẹ ilé-iṣẹ́ ìrẹsì

Àpẹẹrẹ tí a óò ṣiṣẹ́ lé lórí nìyí, a sì fi ọkàn ṣẹ̀dá rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ń bó ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, tí ó ń dì í sínú àpò, tí ó sì ń tà á. Ó ní ìpín 2,000,000, iye ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà kan, ṣùgbọ́n náírà márùn-ún ni wọ́n tà á ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, mílíọ̀nù méjì náírà wà nínú owó ìpín, mílíọ̀nù mẹ́jọ sì wà nínú ohun tí a ń pè ní àlékún iye ìpín. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ti kó mílíọ̀nù mẹ́fà èrè jọ. Àpapọ̀ owó àwọn onípìn-ín jẹ́ mílíọ̀nù 16; bí a bá pín in sí orí ìpín kọ̀ọ̀kan, náírà mẹ́jọ ni.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, ilé-iṣẹ́ náà ra ìpín 100,000 padà ní náírà 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni akọ̀wé owó yóò ṣe kọ ọ́:

Dẹ́bíìtì: Ìpín àpamọ́ ₦1,200,000
Kírẹ́díìtì: Owó ní bánkì ₦1,200,000

Dẹ́bíìtì tí ó wà lórí ìpín àpamọ́ yìí ni ó máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí pé ó jọ ti dúkìá. Kì í ṣe dúkìá. Lára owó àwọn onípìn-ín ni a óò ti yọ ọ́, a óò sì fi àmì ìyọkúrò hàn, tí mílíọ̀nù 16 yóò fi di ₦14,800,000. Ìpín tí ó kù lọ́wọ́ ará ìta jẹ́ 1,900,000.

Ní ọdún kejì, ìrẹsì ilẹ̀ wa gbówó lórí, iye ìpín náà sì gòkè. Ilé-iṣẹ́ tún ta 60,000 nínú ìpín àpamọ́ rẹ̀ ní náírà 20. Owó tí ó wọlé jẹ́ ₦1,200,000, iye gan-an tí ó ná ní ọdún tí ó kọjá, bẹ́ẹ̀ ó sì tún ku ìpín 40,000 sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ẹni tí ó bá rí èyí yóò fẹ́ tàn yanran. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti kọ ọ́:

Dẹ́bíìtì: Owó ní bánkì ₦1,200,000
Kírẹ́díìtì: Ìpín àpamọ́ (60,000 ní náírà 12) ₦720,000
Kírẹ́díìtì: Àlékún láti inú ìpín àpamọ́ ₦480,000

₦480,000 yìí kò gba ẹ̀gbẹ́ ìwé èrè àti àdánù kọjá. Ààrin owó àwọn onípìn-ín ni ó lọ tààrà, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ tí a gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé irú owó kan náà ni wọ́n: ohun tí onípìn-ín san ju iye ojú ìwé tàbí iye tí a fi rà á padà lọ. Ìlànà àgbáyé lórí ìṣirò owó, èyí tí ó jẹ́ ìkejìlélọ́gbọ̀n nínú ọ̀wọ́ rẹ̀, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: bí ilé-iṣẹ́ bá ra ìpín ara rẹ̀, bí ó tà á, bí ó tún un gbé jáde, bí ó fagi lé e, kò gbọdọ̀ ka èrè tàbí àdánù kankan sí i. Láti ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà ní ọjà ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀lé ìlànà àgbáyé wọ̀nyí.

Kò wá sí ẹni tí ó jàǹfààní rárá bí? Ó wà. Owó àwọn onípìn-ín ti padà sí mílíọ̀nù 16, ṣùgbọ́n 1,960,000 ni ìpín tí ó ń pín in. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní náírà mẹ́jọ àti kọ́bọ̀ 16 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti jẹ́ náírà mẹ́jọ géérégé tẹ́lẹ̀. (Èrè ọdún náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí, a fi í sílẹ̀ kí ojú lè mọ́.) Kọ́bọ̀ 16 yẹn kò wá láti inú ìrẹsì. Ọwọ́ àwọn tí ó rà ní náírà 20 ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó jókòó. Láàárín àwọn onípìn-ín ni ó ti yí, ìdí sì nìyí tí ilé-iṣẹ́ kò fi lè pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìṣòro dé nígbà tí ọjà bá yí padà. Ká ní ilé-iṣẹ́ ta 40,000 tí ó kù ní náírà mẹ́sàn-án péré. Owó tí ó wọlé jẹ́ ₦360,000, ṣùgbọ́n ₦480,000 ni ó ná lé wọn. Àìpé ₦120,000 yìí pẹ̀lú kì í ṣe àdánù inú ìwé èrè. Inú àlékún tí a ti rí lára ìpín àpamọ́ tẹ́lẹ̀ ni a óò ti yọ ọ́, tí ₦480,000 yóò fi ku ₦360,000. Bí kò bá sí irú àlékún bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, inú èrè àkójọ ni a óò ti mú un.

Bí a ṣe ń dá àṣìṣe mọ̀

Ní ọdún kan, wọ́n gbé ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kékeré kan wá fún mi láti bá wọn wò, ní yàrá òkè kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àdúgbò Fájuyì, tí ariwo ọkọ̀ ń wọlé tọ̀ wá. Èrè wọn ti fò sókè, wọ́n sì ti ṣírò ẹ̀bùn ọdún àwọn olùdarí lé e lórí. Mo ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ títí mo fi dé èyí tí wọ́n kọ “owó mìíràn tí ó wọlé” sí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, kò sí àlàyé. Mo béèrè ibi tí ó ti wá. Akọ̀wé owó, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ pé láti inú ìpín tí àwọn rà lọ́wọ́ onípìn-ín kan tí ó kú ni, tí àwọn sì tà fún ẹlòmíràn. Bí a ti yọ ìlà yẹn kúrò ni èrè ọdún náà rẹlẹ̀ ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé àwọn tí yóò gba ẹ̀bùn ni ó pinnu ọjọ́ tí wọ́n óò tà á. Bí a bá gbà kí irú owó yìí wọ inú èrè, olùdarí tí ọdún kò bá dára fún kò ní wá oníbàárà mọ́. Ìpín àpamọ́ ni yóò ṣí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tètè rí i kò gbọdọ̀ dúró sí ìwé èrè nìkan. Kí ó ṣí ìwé tí ó ń fi ìyípadà owó àwọn onípìn-ín hàn: ibẹ̀ ni ìpín àpamọ́ yóò ti máa dín, ibẹ̀ ni àlékún sì gbọdọ̀ ti máa pọ̀ ní ìlà kan náà. Bí ìpín àpamọ́ bá dín, tí àlékún kò sì yí padà, kí ó béèrè ibi tí ìyókù gbà lọ. Lẹ́yìn náà kí ó wo ìwé tí ń fi ìwọlé àti ìjáde owó hàn. Owó tí ó wá láti ọwọ́ onípìn-ín gbọdọ̀ wà ní apá ìkówójọ. Bí ó bá bá a ní apá iṣẹ́ òòjọ́, a ti gbé e sí ibi tí kò yẹ.

Ó tún ku ibì kan tí a máa ń ṣìnà, èyíinì ni èrè lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún tí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì wa ra ìpín rẹ̀ padà, ìpín 2,000,000 wà níta fún oṣù mẹ́fà, 1,900,000 sì wà níta fún oṣù mẹ́fà yòókù. Iye tí a óò fi pín èrè ni ìdajì ọ̀nà láàárín méjèèjì, 1,950,000. Bí èrè ọdún náà bá jẹ́ ₦3,900,000, náírà méjì géérégé ni ó kan ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá wá ń yọ̀ pé èrè lórí ìpín ti gòkè gbọdọ̀ kọ́kọ́ wò bóyá oko ni ó so sí i, tàbí àwọn tí ń pín in ni ó dín kù.

Ẹni tí ó tà fún wa

Mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé ẹni tí ó tà ní náírà 12. Ó lè jẹ́ opó tí ó jogún ìpín ọkọ rẹ̀, tí ó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tí òun kò mọ̀: àwọn olùdarí lè ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ńlá kan tí a kò tíì kéde. Bí wọ́n bá rà ní 12 pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn, tí wọ́n sì tà ní 20 nígbà tí ìròyìn jáde, ojú ìwé ìṣirò lè mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ́ onípìn-ín wọn jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ti ọjà mọ́ ilé-iṣẹ́ lójú ní àkókò tí ìròyìn bá wà nílẹ̀ tí ará ìlú kò tíì gbọ́. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àṣìlò kejì burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Gómìnà Bánkì Àpapọ̀, Sanusi Lamido Sanusi, yọ àwọn ọ̀gá bánkì márùn-ún nípò. Nígbà tí ó sì ń ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Bayero ní Kánò ní ọdún 2010, ó fi hàn pé àwọn bánkì kan ti lo owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn láti ra ìpín ara wọn kí iye rẹ̀ lè máa gòkè. Ẹ fi wé ohun tí a ti kọ́: kì í ṣe èrè ni wọ́n ná, owó olówó ni, a kò sì fi ìyọkúrò hàn, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbà rà á. Iye tí ó gòkè bẹ́ẹ̀ jẹ́ òjìji. Nígbà tí ọjà ìpín ṣubú, owó tí ó ti jáde kò padà.

Ti Símẹ́ǹtì Dáńgótè

Àpẹẹrẹ ìràpadà ìpín tí ó hàn kedere jù lọ ní Nàìjíríà ni ti ilé-iṣẹ́ Símẹ́ǹtì Dáńgótè, èyí tí àpò rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ìsọ̀ kankan ní Adó. Ìpín 17,040,507,404 ni ó ní tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn onípìn-ín gbà níbi ìpàdé pàtàkì pé kí ó ra ìpín padà, ṣùgbọ́n kí ó má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọjọ́ 30 àti 31 oṣù kejìlá ọdún náà, ó ra 40,200,000. Ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ó tún ra 126,748,153. Méjèèjì jẹ́ 166,948,153, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìpín rẹ̀. Ìpín tí ó kù níta di 16,873,559,251. Ti àkọ́kọ́ ná an tó nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, ti kejì sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 35, kò sì sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí ó wọ ìwé èrè gẹ́gẹ́ bí ìnáwó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iye ìpín kan ní ọjà ti kọjá 600 náírà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà fún ìdánwò pé ìpín 40,200,000 ti àkọ́kọ́ ṣì wà ní ìpamọ́, pé bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà gan-an ni wọ́n fi rà á, àti pé ilé-iṣẹ́ ta gbogbo rẹ̀ ní 600 náírà. Bílíọ̀nù 24 àti mílíọ̀nù 120 náírà ni yóò wọlé. Kí ó kọ dẹ́bíìtì kan àti kírẹ́díìtì méjì tí ó yẹ, kí ó sọ ibi tí bílíọ̀nù 14 àti mílíọ̀nù 120 tí ó lé yóò jókòó sí, lẹ́yìn náà kí ó kọ ìwé èrè àti àdánù ọjọ́ náà, kí ó sì rí i pé nọ́ńbà kankan kò yí padà níbẹ̀.